Ọjà ọrọọrún nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje: bí aláṣọ ṣe lè to ìpolówó oṣù kan

*Ẹ̀gbọ́n, aláṣọ ni mí, apá Yàgbà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àńkárá, léèsì àti aṣọ ọmọdé ni mò ń tà. Mo máa ń gbé wọn sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp àti sórí Facebook, àmọ́ lọ́jọ́ kan mo lè gbé méjìlá, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kan á kọjá láìsí ẹyọ kan. Mo gbìyànjú kàlẹ́ńdà tí mo rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọrọọrún ni ọjà wa, kì í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀, ó sì ń da gbogbo rẹ̀ rú. Báwo ni mo ṣe máa to oṣù kan tí kò ní bàjẹ́ láàárín?*

Òkun o, aláṣọ wa. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó dátà.

Ibi tí ẹ rò pé wàhálà wà yẹn gan-an ni ètò yín máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣe kàlẹ́ńdà tí ẹ rí kò ná ọjà ọrọọrún rí, ìdí nìyẹn tí kò fi bá yín mu. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ọjà náà dáadáa. Nígbà tí àwọn àgbà wa bá ní ọrọọrún, wọ́n ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọjà bá jẹ́ òní, òní ni ọjọ́ kìíní, ọjà tó ń bọ̀ á sì bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún. Lójú kàlẹ́ńdà ara ògiri, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni. Ọ̀sẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, iléèwé àti ọ́fíìsì ní tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ méje. Mẹ́rin lọ́nà méje jẹ́ 28, méje lọ́nà mẹ́rin náà jẹ́ 28. Nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé, ẹ ó ná ọjà lẹ́ẹ̀meje, ọjà kọ̀ọ̀kan á sì bọ́ sí ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, láti Ajé títí dé Àìkú, láìtún ọ̀kankan ná lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Torí náà, ẹ má fi ọjọ́ 30 tàbí 31 to ìpolówó yín. Ọjọ́ 28 ni kí ẹ máa fi tò ó.

Ẹ mú ìwé ọmọléèwé kan, ẹ ṣí i sí ojú ewé kan, kí ẹ fi rúlà fa àpótí méje ní ìbú, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, àti mẹ́rin ní òró. Mo mọ̀ pé fóònù yín ní kàlẹ́ńdà, àmọ́ ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí káńtà lẹ ó máa rí nígbà tí ẹ bá ń wọn aṣọ. Fún àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ ká lo oṣù Kẹfà ọdún 2026, nítorí pé ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọjà yín bọ́ sí ọjọ́ 3 oṣù náà, tí í ṣe Ọjọ́rú. Ẹ fi bírò pupa sàmì sí i, kí ẹ máa fi mẹ́rin kún un: ọjọ́ 7 á jẹ́ Àìkú, ọjọ́ 11 á jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 Ajé, ọjọ́ 19 Ẹtì, ọjọ́ 23 Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 27 Àbámẹ́ta. Àmì pupa méje, kò sì sí méjì tó wà lábẹ́ ọjọ́ kan náà.

Wàyí o, ẹ mú bírò búlúù. Ọjọ́ mẹ́ta péré nínú ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ yà sọ́tọ̀: ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lè dà bíi pé ó kéré lójú ẹni tó ti gbé méjìlá síta lọ́jọ́ kan rí. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti oníbàárà tó ṣí sítátọ́ọ̀sì yín tó rí ìlà wẹ́wẹ́ méjìlá lókè. Á tẹ ẹ̀kan, á tẹ ẹ̀kejì, á fò kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, léèsì tí ẹ tìtorí rẹ̀ gbé fóònù á sì wà ní ìkẹsàn-án níbi tí kò dé. Àwòrán mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan tó.

Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ náà kì í sì í yí padà. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ọjà títà gan-an: aṣọ tó wà nílẹ̀, iye yáàdì, iye owó. Mo mú Ọjọ́bọ̀ nítorí pé ẹni tó wà ní Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá tó ń bọ̀ wálé lópin ọ̀sẹ̀ máa rí i kó tó wọkọ̀, ẹni tí kò sì ní wá lè fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì kí ẹ fi aṣọ sọ́kọ̀ ní gáréèjì. Àìkú jẹ́ ti àwọn tó ti rán aṣọ yín, tí wọ́n wọ̀ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ti ti òde àti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ti jókòó, wọ́n ń wo ohun tí ẹlòmíràn wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà kí ẹ tó gbé àwòrán rẹ̀ síta o, bó bá sì jẹ́ ọmọdé ló wà nínú rẹ̀, lọ́wọ́ ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á.

Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ẹ̀kọ́. Òun làwọn aláṣọ máa ń fojú kéré jù, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ìbéèrè táwọn èèyàn ń bi yín lójoojúmọ́ ní káńtà ni kí ẹ máa dáhùn níbẹ̀. Yáàdì mélòó ló máa tó mi fún ìró àti bùbá? Kí ló dé tí àńkárá fi ń jẹ́ yáàdì mẹ́fà tí léèsì ń jẹ́ márùn-ún? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá àńkárá yìí máa ṣí? Ẹ fi àwòrán kan àti gbólóhùn mẹ́ta dá a lóhùn. Fún ti àńkárá tó ń ṣí, ẹ rẹ aṣọ ìnujú funfun sómi, ẹ fi pa etí aṣọ náà, kí ẹ ya ohun tó hàn lára aṣọ funfun náà. Ẹni tó rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lè má ra nǹkan kan, àmọ́ nígbà tó bá fẹ́ ra aṣọ ẹbí fún ogójì èèyàn, ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń mọ aṣọ tó ń ṣí ló máa rántí.

Ìgbà 12 nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó wá ku ọjọ́ ọjà.

Àwọn aláṣọ mìíràn máa ń gbé ìpolówó ọjà síta láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó máa ti abúlé wá ti jáde nílé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè má sí lọ́nà. Àwọn mìíràn ń gbé e ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, ìyẹn náà ní àléébù tirẹ̀ tí ojú kì í tètè rí: wákàtí 24 ni sítátọ́ọ̀sì ń lò kó tó pòórá. Èyí tí ẹ gbé ní aago méjìlá ọ̀sán àná á pòórá ní aago méjìlá ọ̀sán òní, nígbà tí ọjà kún fọ́fọ́. Bí ẹ bá gbé e ní aago méje alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, àwọn tó ń wo fóònù kí wọ́n tó sùn á rí i, ẹni tó bá jí á rí i, ẹni tó ti dénú ọjà tó ń wá ìsọ̀ yín kiri á ṣì bá a níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, aago méje, ni ààyè kẹrin yín. Ohun tó máa wà níbẹ̀ kò pọ̀: àwòrán ìsọ̀ yín pẹ̀lú ohun kan tí èèyàn fi máa dá a mọ̀, igi tàbí òrùlé tàbí ẹni tó ń ta àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, lẹ́yìn náà aṣọ mẹ́ta tí ẹ ń gbé lọ pẹ̀lú iye owó wọn.

WhatsApp orí fóònù kò ní bọ́tìnì tí a fi ń ṣètò sítátọ́ọ̀sì sílẹ̀ dọjọ́ iwájú. Ẹ fi aago fóònù sí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí àwòrán ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀. Ti Facebook yàtọ̀. Bí ẹ bá ní ojú ewé ọjà, tí ẹ lo Meta Business Suite, ẹ lè ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kó máa jáde fúnra rẹ̀. Ẹ má tíì yọ̀ síyẹn o, mo máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ padà sínú ìwé. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ọjọ́ tó ṣáájú àmì pupa kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ 2, 6, 10, 14, 18, 22 àti 26. Ẹ ó rí i pé mẹ́rin nínú wọn bọ́ sí ibi tó ṣófo: ọjọ́ 6 jẹ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 10 Ọjọ́rú, ọjọ́ 22 Ajé, ọjọ́ 26 Ẹtì. Àwọn mẹ́ta yòókù kọlu ààyè búlúù: ọjọ́ 2 jẹ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14 Àìkú, ọjọ́ 18 Ọjọ́bọ̀. Ibí yìí ni kàlẹ́ńdà yín ti ń bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ohun tí ẹ ń ṣe ni pé ẹ ń sún èyí tó kọlu ọjà sí ọjọ́ kejì. Ẹ sún Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́rú, Ọjọ́rú jẹ́ ọjọ́ ọjà, ó ti rẹ̀ yín, ẹ wá sún un sí Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á fi wó.

Ìpinnu mi ni pé ọjà ló ni ọjọ́ náà. Ohun tí ọjọ́ búlúù yẹn fẹ́ gbé ni kí ẹ fi sílẹ̀ pátápátá, ẹ má sún un síbì kankan. Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 2 kò ní jáde, ó parí. Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fa ìlà kan la àmì búlúù náà kọjá nínú ìwé nísinsìnyí tí oṣù kò tíì bẹ̀rẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé lálẹ́ ọjọ́ náà lẹ ó máa rò ó. Àpapọ̀ ohun tó kù fún ọjọ́ 28 jẹ́ ìgbà 16. Ẹni tó ń dá ṣọ́ọ̀bù ṣe, tó tún ń dáná, lè ṣe ìgbà 16.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọjà fi ń bá ọjọ́ búlúù pàdé: ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, Àìkú ọjọ́ 7, Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 11 àti Ìṣẹ́gun ọjọ́ 23 jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ẹ má pa àwọn yẹn rẹ́. Ti Àìkú àti ti Ìṣẹ́gun kì í fa wàhálà, nítorí pé àwòrán oníbàárà àti ẹ̀kọ́ kì í tán lórí àtẹ. Ẹ ti lè pèsè wọn sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ti Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 11 ló gba ìṣọ́ra. Aṣọ tí ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé lè ti tán lọ́jà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ ọjà bẹ́ẹ̀, ohun tó kù lẹ́yìn ọjà ni kí ẹ gbé, ẹ ya á bí ẹ ṣe ń tú ẹrù sílẹ̀. “Léèsì àwọ̀ ewé yìí, yáàdì márùn-ún-márùn-ún, ó ku méjì.” Ọ̀rọ̀ tó ń tajà gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n lórí èyí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ṣọ́ọ̀bù kan ṣe ìpolówó ní Kàbà, mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo sì ṣètò odindi oṣù kan sórí Facebook, aṣọ àti iye owó, gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, léèsì kan jáde láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣètò rẹ̀. Léèsì náà ti tán ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Obìnrin kan wọ mọ́tò láti Ẹ̀gbẹ̀ wá nítorí rẹ̀. Ó dúró níwájú káńtà, ó na fóònù sí wa, ó ní, “Ẹ wò ó, àárọ̀ yìí lẹ gbé e.” A ò ní ohun tí a lè sọ ju ká tọrọ àforíjì, ká san owó ọkọ̀ rẹ̀. Kò ra nǹkan mìíràn, mi ò sì rí i mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó dùn mí títí di òní, torí pé èmi ni mo ṣi ètò náà ṣe.

Láti ìgbà yẹn, òfin tí mò ń tẹ̀ lé ni pé ohun tó ní iye lórí, tó sì lè tán, a kì í ṣètò rẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ́gun àti àwòrán Àìkú ni kí ẹ lo Meta Business Suite fún, ẹ lè to ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Ti Ọjọ́bọ̀ àti ti alẹ́ tó ṣáájú ọjà, nínú ìwé ni kó wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aṣọ náà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó gbé e. Kí ẹ gbé ọwọ́ lé e gan-an ni mò ń wí, kí ẹ ka iye tó kù.

Ó kan kókó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ máa fi pẹ́ńsù kọ sí etí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé. Kókó kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àìkú á jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ìyẹn ló máa ń dín ìdààmú “kí ni n ó gbé lónìí” kù. Ohun tó yẹ kó pinnu kókó náà ni ìgbà tí owó wà lọ́wọ́ oníbàárà àti ìgbà tó máa nílò aṣọ náà. Ọ̀pọ̀ aláṣọ ń jẹ́ kí ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pinnu rẹ̀, bí ẹrù kò bá sì dé, ẹnu á wọ́.

Nínú oṣù Kẹfà wa yìí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, láti ọjọ́ 1 sí 7, sún mọ́ ìgbà tí owó oṣù ń wọlé. Ẹ fi í ṣe ti olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: àńkárá tó ṣeé wọ lọ síbi iṣẹ́, yáàdì mẹ́fà odindi. Ọ̀sẹ̀ kejì, láti ọjọ́ 8 sí 14, ẹ fi í ṣe ti aṣọ ẹbí, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí. Ká ní ẹbí kan fẹ́ ṣe ìsìnkú àgbà ní Àbámẹ́ta ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ. Ẹ kà á sẹ́yìn. Aránṣọ tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí owó tó pé lọ́wọ́ gbogbo ẹbí, àti àwọn tó wà ní Èkó àti àwọn tó wà lókè òkun, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ tó lọ kó ogójì ẹ̀dá aṣọ kan náà wá, ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyẹn, ó gbé yín dé ọjọ́ 18 oṣù Keje. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ mú aṣọ. Kí wọ́n tó mú un, ẹbí á ti ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, wọ́n á ti jiyàn lórí àwọ̀. Bí ẹ bá dúró di oṣù Kẹjọ kí ẹ tó polówó aṣọ ẹbí, àwọn tó fẹ́ rà á ti rà á níbòmíràn. Nítorí èyí ni mo ṣe fi í sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹfà. Bákan náà, ìpolówó aṣọ ẹbí fún Kérésìmesì, nígbà tí àwọn ọmọ Òkun ń ti ọ̀nà jíjìn dé, tí ìgbéyàwó àti ìsìnkú ń dì mọ́ra wọn, kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù Kẹwàá.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, láti ọjọ́ 15 sí 21, ẹ fún aṣọ ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, láti ọjọ́ 22 sí 28, owó ti tán lọ́wọ́ èèyàn. Ọ̀pọ̀ aláṣọ á máa fi léèsì tó wọ́n han ẹni tó ń ṣọ́ owó oṣù lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe ti gígé: yáàdì kan, yáàdì méjì tó kù nínú ìdì, ohun tó tó fún bùláòsì, fún gèlè, fún aṣọ ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn gígé tó ti dì sábẹ́ pẹpẹ á jáde, ẹni tí kò lówó yáàdì mẹ́fà á sì rí nǹkan rà lọ́wọ́ yín.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjà kì í tẹ̀ lé kókó ọ̀sẹ̀ dandan. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́jà ní ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ gbé ohun tó ń yá lọ́jà yín.

Ní ti yíyàwòrán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, kó jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí oníbàárà tó pọ̀, bí kò bá ti jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ẹ gbé aṣọ wá sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé, ẹ má yà á lábẹ́ gílóòbù. Iná gílóòbù máa ń fa àwọ̀ sí pípọ́n, léèsì funfun á dà bí àwọ̀ bọ́tà, oníbàárà tó bá sanwó láti Lọ́kọ́ja á sì ní ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ kọ́ lòun rí. Aṣọ kan, àwòrán mẹ́ta: odindi rẹ̀ ní kíká, ara rẹ̀ nítòsí pẹ̀lú ọwọ́ yín lórí rẹ̀ kí èèyàn lè mọ bí iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe tóbi tó, àti etí rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí. Ẹ kọ iye owó sára àwòrán náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ “ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì fún iye rẹ̀”. Ẹni tó ń tijú owó rẹ̀ kì í béèrè, á kàn kọjá lọ.

Ẹ wá mọ èyí o: ẹni tí kò tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀ kò lè rí sítátọ́ọ̀sì yín, bí ẹ̀yin náà kò bá sì tọ́jú tirẹ̀, kò rí i. Bákan náà ni ìránṣẹ́ tí WhatsApp pè ní Broadcast: èèyàn 256 ló pọ̀ jù fún àkójọ kan, ẹni tó bá sì ti tọ́jú nọ́ńbà yín nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ lè to ètò tó dára jù ní gbogbo ilẹ̀ Òkun, kó máà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí oníbàárà bá ń sanwó, kó tó kúrò ní káńtà, ẹ jẹ́ kó tọ́jú nọ́ńbà náà lójú yín, kí ẹ̀yin náà tọ́jú tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú rẹ̀. Ní ti Broadcast, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 28 tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dí yín pa.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Iye èèyàn tó wo sítátọ́ọ̀sì kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti pa àmì tó ń fi hàn pé òun ti ka ìránṣẹ́ lórí fóònù rẹ̀, ẹ ò ní rí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó wò ó, òun sì lè jẹ́ ẹni tó ń rà jù. Nínú àpótí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín, ẹ fa igi kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó béèrè nítorí ohun tí ẹ gbé, kí ẹ fi òbìrípo yí igi náà ká bó bá rà. Ẹ bi ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù léèrè: “Ṣé ẹ rí i lórí fóònù ni?” Lópin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ka Ìṣẹ́gun pọ̀, ẹ ka Ọjọ́bọ̀ pọ̀, Àìkú pọ̀, alẹ́ ọjà pọ̀.

Ká ní igi pọ̀ lọ́jọ́bọ̀ ṣùgbọ́n òbìrípo kò tó nǹkan. Àwọn èèyàn fẹ́ aṣọ náà nìyẹn, iye owó tàbí bí ẹ ṣe ń tètè dáhùn ni kí ẹ wò. Bí igi fúnra rẹ̀ kò bá sí, àkókò tàbí àwòrán ló ní àléébù. Ẹ tún ọ̀kan ṣe, kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀ bó ṣe wà: bí ẹ bá sún aago méje sí aago mẹ́jọ, tí ẹ tún yí kókó padà lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ má sì fi ọ̀sẹ̀ kan tó tutù pa ọjọ́ kan rẹ́. Òjò lè rọ̀ lọ́jọ́ náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, òkú lè kú ní ìlú. Ẹ jẹ́ kó tó ìgbà mẹ́rin. Ti Ìṣẹ́gun, mo bẹ̀ yín, ẹ fún un ní ojú ewé méjì, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nítorí pé èso rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó yọ.

Ojú ewé tó kàn máa bẹ̀rẹ̀ ní Ajé ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà. Ẹ fi mẹ́rin kún ọjà ọjọ́ 27, ó di ọjọ́ 1 oṣù Keje, Ọjọ́rú. Ọ̀kan tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ 5, Àìkú, lẹ́yìn náà ọjọ́ 9, Ọjọ́bọ̀. Ẹ gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àmì pupa wà nínú àpótí kan náà tí wọ́n wà nínú ojú ewé ti tẹ́lẹ̀, àwọn ibi tí wọ́n ti kọlu búlúù kò sì kúrò lójú kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ nílò láti ṣe ìṣirò yẹn. Lẹ́yìn náà, déètì nìkan lẹ ó máa yí padà, títí ọdún á fi yípo, àyàfi bí ìlú bá sún ọjà nítorí ọba tó wàjà tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sún un, ẹ tún pupa kà láti ọjọ́ tuntun náà.

Ohun kan ṣoṣo tó máa ń yẹ̀ ni owó oṣù, nítorí pé oṣù ìjọba gùn ju ọjọ́ 28 lọ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ojú ewé kẹrin yín á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, ìgbà tí owó kò tíì wọlé. Níbẹ̀, ẹ gbé ọ̀sẹ̀ gígé lọ sí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ gbé aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ sí ìlà kejì. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ní kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ kókó.